Inkubétọ̀ Tí Ìgbóná Rẹ̀ Kì í Dúró Sójú Kan: Bí Ẹ Ṣe Máa Sẹ́tì P, I àti d

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ẹ̀yin tí ẹ ní inkubétọ̀ kékeré, yálà èyí tí káfíńtà bá yín kàn, tàbí èyí tí ẹ fi fíríìjì tó ti bàjẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ yín ti yọ tẹ́mósítáàtì àtijọ́ kúrò, ẹ ti ra kọntírólà tí wọ́n ń pè ní PID, síbẹ̀ ìgbóná ò dúró sójú kan. Ẹ wá ń sọ fún wa pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ti lọ wò, kò sóhun tó ṣe kọntírólà náà. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ni kò bá àpótí yín mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tí ẹyin fẹ́. Nínú inkubétọ̀ tó ní fáànù, 37.5 dígírì la fẹ́ fún ẹyin adìyẹ. Bó bá ń wà nísàlẹ̀ díẹ̀, òròmọdìyẹ á pẹ́ kó tó jáde. Bó bá ń wà lókè, wọ́n á yára jáde, ṣùgbọ́n ìdodo wọn lè má tíì dí dáadáa, ẹsẹ̀ wọn á sì máa gbọ̀n. Bó bá wá gòkè kọjá 40 fún wákàtí mélòó kan, ọ̀pọ̀ ọmọ inú ẹyin lè kú. Ooru àpọ̀jù burú fún ẹyin ju òtútù díẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a ò fi gbọ́dọ̀ máa wo kìkì pé "ó ń dé 37.5". Ohun tó yẹ ká wò ni ibi tó ń gòkè dé kó tó padà wálẹ̀.

Màmá kan wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn tí wọ́n ní inkubétọ̀ ẹyin 200. Pláíwúùdù ni wọ́n fi kàn án, wọ́n lẹ fóòmù sí inú rẹ̀, gílóòbù 4 oní-60 wáàtì ló ń mú un gbóná, fáànù kékeré kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn náà káàkiri. Wọ́n kó ẹyin 180 sí i, 67 péré ló pa. Àwọn kan jáde lọ́jọ́ 19, àwọn míì ò jáde títí di ọjọ́ 23. Ẹyin tí a kó sínú àpótí lọ́jọ́ kan náà, tí pípa rẹ̀ wá fọ́n ká báyìí, ó yẹ kó mú wa fura sí ìgbóná. Nígbà tí a débẹ̀, màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó alájẹsẹ́kù ni mo yá ra ẹyin yẹn o. Bí èyí tó kàn bá tún bàjẹ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni màá pè wá kó o."

A ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. A ní kí wọ́n kó ẹyin kúrò, a to ìgò omi kéékèèké sórí tírè dípò ẹyin, a ti ilẹ̀kùn pa, a tan iná, a jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Lójú kọntírólà, nọ́ńbà òkè tí wọ́n kọ PV sí ni ìgbóná tó wà nínú àpótí. Ti ìsàlẹ̀, SV, ni èyí tí a fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 28. Ó gòkè, ó kọjá 37.5, kò dúró, ó lọ dé 40.1. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wálẹ̀ kọjá 37.5 dé 36.7, kó tó tún gòkè. Láti gíga àkọ́kọ́ sí èkejì lé ní wákàtí kan. Ó ju wákàtí 2 lọ kó tó fara balẹ̀. Màmá ní, "Ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó lálẹ́, 37.5 ló máa ń wà." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n iná ń lọ, iná ń dé ní ọ̀dọ̀ wọn bí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Gbogbo ìgbà tí àpótí bá ti tutù, tí iná wá padà dé, ẹyin wọn ń rí 40 náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

A wá tẹ bọ́tìnnì SET mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ títí àwọn nọ́ńbà inú fi jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni P 30, I 240, d 60. Bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì yí i padà. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn lè wúlò fún ààrò búrẹ́dì tó fẹ́ dé 200 dígírì, nítorí 30 nínú 200 kéré. Fún inkubétọ̀ tó fẹ́ gòkè láti 28 dé 37.5 péré, ó ti pọ̀ jù.

Kí ni lẹ́tà mẹ́ta yìí ń ṣe gan-an? Ẹ rántí ẹni tó ń se ẹ̀kọ lórí iná igi.

P ni bí ó ṣe ń fa igi jáde bí ìkòkò bá ti ń súnmọ́ ibi tó fẹ́. Nọ́ńbà P sọ pé tó bá ku dígírì mélòó sí 37.5 ni kọntírólà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná kù. Bí P bá jẹ́ 2, iná kíkún ló máa lò títí dé 35.5, láti ibẹ̀ ló ti máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ 30, a jẹ́ pé láti 7.5 dígírì ló ti ń dín in kù! Ní 28 tí màmá ti bẹ̀rẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná péré ni P ń lò. Torí náà, nọ́ńbà P tó kéré túmọ̀ sí ọwọ́ tó le, èyí tó tóbi sì túmọ̀ sí ọwọ́ tó rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé òdìkejì rẹ̀ ni.

I ni ìrántí. Bí ìkòkò ò bá hó láti àárọ̀, alásè á rántí pé ó ti pẹ́, á tún ki igi kan bọ̀ ọ́. Níwọ̀n ìgbà tí PV bá ṣì wà lábẹ́ SV, I á máa fi iná kún iná. Sẹ́kọ́ndì ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà rẹ̀: bó bá kéré, ó ń yára fi iná kún un, bó bá tóbi, ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òun ló ṣe màmá lọ́ṣẹ́. P ti rọ̀ jù, ìgbóná ń fà, I wá ń kó igi jọ láti 28 lọ sókè. Nígbà tí PV fi máa dé 37.5, igi tí I ti kó jọ ti pọ̀. Àyàfi kí ìgbóná kọjá lọ, kó sì pẹ́ lókè, kí I tó lè yọ àwọn igi náà kúrò.

d ni ojú tó ń wo bí ìfófòó ẹ̀kọ ṣe ń yára gòkè. Kò dúró kó dé etí ìkòkò kó tó fa igi jáde. Bí ìgbóná bá ń sáré gòkè, d á dín iná kù ṣáájú. Sẹ́kọ́ndì ni tiẹ̀ náà.

Kí ẹ tó yí nọ́ńbà kankan, ẹ yanjú sẹ́ńsọ̀ ná. Ibi tí ẹyin wà ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí atẹ́gùn fáànù ti ń kọjá, kó má ṣe súnmọ́ gílóòbù, kó má sì fara kan ògiri àpótí. Bó bá jìnnà sí atẹ́gùn, ìròyìn á máa pẹ́ kó tó dé etí kọntírólà, kò sì sí nọ́ńbà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ tún wò ó bóyá ó ń sọ òótọ́. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú fúláàsì, ẹ ki sẹ́ńsọ̀ náà àti tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà bọ̀ ọ́ papọ̀. Bí tẹmómítà bá ní 37.6, tí PV ní 37.2, ẹ fi 0.4 sí ibi tí wọ́n kọ SC. Ti màmá yàtọ̀ pẹ̀lú 0.2 péré. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà èyíkéyìí, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá.

Ọ̀nà tí a gbà wá nọ́ńbà náà ti wà tipẹ́. Ọdún 1942 ni Ziegler àti Nichols, àwọn ẹnjiníà méjì ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: ẹ pa I àti d, ẹ fi P nìkan sílẹ̀, ẹ máa mú ọwọ́ rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀ títí ìgbóná á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fì sókè sísàlẹ̀ láìdúró. Ibi tó ti ń fì yẹn á sọ ìwà àpótí náà fún yín. Ìgò omi ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn o, kì í ṣe ẹyin tí ẹ fẹ́ pa.

A fi 0 sí I, a fi 0 sí d, a fi P sí 4. Ìgbóná gòkè, ó fara balẹ̀ sí 36.5, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Màmá ní, "Kò mà dé ibi tí a ní kó dé." Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí àpótí wọn tó lè dúró sójú kan, ó ń fẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná gílóòbù. P nìkan ò lè fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin àfi bó bá kù díẹ̀ kó dé. Ìdá kan nínú mẹ́rin 4 jẹ́ 1, ìyẹn ló fi dúró ní dígírì 1 sísàlẹ̀. Àlàfo yẹn ni iṣẹ́ I, I á dí i tó bá yá.

A mú P wá sí 2. Ó fì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó fara balẹ̀ sí 37.0. A mú un wá sí 1.0. Lọ́tẹ̀ yìí kò fara balẹ̀ mọ́. Ó ń lọ láti 37.0 sí 37.5, ó ń padà sí 37.0, fífì náà ò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ọmọ màmá tó ń kọ́ṣẹ́ iná mú fóònù, ó ń ka àkókò láti gíga kan sí gíga kejì. A kà á lẹ́ẹ̀mẹrin: ìṣẹ́jú 5, ìyẹn sẹ́kọ́ndì 300.

Nọ́ńbà méjì péré la nílò: P tó ń fì, 1.0, àti àkókò tó fi ń fì, 300. Ìṣirò àwọn ará 1942 yẹn á fún wa ní P 1.7, I 150, d 37. Ó ń yára, ṣùgbọ́n ó máa ń kọjá ibi tí a fẹ́ kó tó padà. Ẹyin ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò míì tí Tyreus àti Luyben ṣe ní 1992 rọ̀ jù ú lọ, òun la lò:

```
P = 1.0 x 2.2 = 2.2
I = 300 x 2.2 = 660
d = 300 / 6.3 = 48
```

Ẹ má da 2.2, 660, 48 yìí kọ sínú tiyín o! Ti àpótí màmá nìyẹn. Àpótí tiyín lè máa fì ní ìṣẹ́jú 3 tàbí 9, ó wà lọ́wọ́ bí fóòmù ṣe nípọn tó, bí gílóòbù ṣe pọ̀ tó, àti ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà. Ìṣirò náà ni kí ẹ mú, nọ́ńbà tiyín ni kí ẹ fi sí i.

Nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n kọ T sí, ìyẹn iye sẹ́kọ́ndì tí kọntírólà fi ń tan iná tó sì fi ń pa á lẹ́ẹ̀kan. Rílè tí wọ́n kọ SSR sí lára ni màmá ń lò, torí náà a fi T sí 2. Bó bá jẹ́ rílè tó ń dún "kẹ̀, kẹ̀" ni tiyín, ẹ fi sí 20, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu rẹ̀ á tètè jóná. Bí ẹnu rílè bá sì jóná tó lẹ̀ pọ̀, iná ò ní kú mọ́, ẹyin á sè.

Lọ́jọ́ kejì, a jẹ́ kí àpótí tutù dé 28, a tún tan án. Iná kíkún ló fi gòkè títí dé 35.3, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ibi gíga jù tó dé ni 37.8. Kó tó tó ìdajì wákàtí, ó ti wà ní 37.5, láti ibẹ̀ kò kúrò láàárín 37.4 sí 37.6. A ṣí ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 2, bí ẹni tó ń yí ẹyin, a tún un tì. Ó padà bọ̀ sípò, kò kọjá 37.7. Màmá kọ 2.2, 660, 48 sí páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn dára, torí bí ọmọdé bá lọ fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì kiri, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa dá a padà sí.

Àwọn kan á béèrè pé, AT tàbí ATU tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́, èyí tó ń wá nọ́ńbà fúnra rẹ̀? Ó ṣeé lò. Òun náà ń mú kí àpótí fì ni, ó ń ka àkókò, ó ń ṣe ìṣirò tiẹ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ìgò omi, ilẹ̀kùn títì, SV ní 37.5, ẹ má ṣe é pẹ̀lú ẹyin. Lẹ́yìn tó bá parí, ẹ ṣe ìdánwò tí a ṣe lókè yìí: ẹ tan án láti inú òtútù, ẹ wo ibi gíga jù tó dé. Bó bá kọjá 38, ẹ sọ P àti I di ńlá díẹ̀, ẹ tún wò ó.

Ibì kan wà tó máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, òun ni agbára iná. Bí fóltéèjì bá wálẹ̀ láti 230 sí 160, ooru gílóòbù á dín kù sí bí ìdajì. Bí ẹ bá wá P tó ń fì nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, ẹ máa rí nọ́ńbà tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Tí iná bá wá gbọnrí lóru, ọwọ́ P yẹn á le jù, ìgbóná á máa fì títí ilẹ̀ á fi mọ́ nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ìgbà tí iná bá lágbára jù ni kí ẹ ṣe ìdánwò. Bí iná bá wá rẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn náà, kò ní fì, á kàn máa lọ́ra díẹ̀ ni.

Bí nǹkan bá ṣì yí, bí ìgbóná ṣe ń rìn á sọ ibi tó ti yí. Bó bá ń fì kíákíá, tí àkókò rẹ̀ súnmọ́ èyí tí ẹ kà nígbà ìdánwò, ọwọ́ P ti le jù, ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀ di ńlá. Bí fífì náà bá gùn, tó ń tó wákàtí kan bíi ti màmá, I ló ń sáré ju P lọ, ẹ sọ I di ńlá tàbí kí ẹ dín P kù. Bó bá wà lábẹ́ 37.5 fún wákàtí púpọ̀, ẹ wo iná kékeré OUT. Bó bá ń tàn tó ń kú, I ti lọ́ra jù. Bó bá tàn láìkú rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà mọ́: gílóòbù ti jó, tàbí atẹ́gùn ń jò.

Ohun kan wà tí kọntírólà yìí ò lè ṣe láéláé. Ó lè mú nǹkan gbóná, kò lè mú un tutù. Bí ẹyin bá ti ń súnmọ́ ọjọ́ 18, àwọn ọmọ inú rẹ̀ fúnra wọn ti ń mú ooru jáde. Bí yàrá náà bá tún móoru lọ́sàn-án, ẹ máa rí i pé OUT ti kú pátápátá, síbẹ̀ PV ń gòkè, 37.9, 38.2. Ẹ má fọwọ́ kan P, I tàbí d nígbà yẹn. Ẹ ṣí ihò atẹ́gùn sí i, ẹ ṣí fèrèsé yàrá, tàbí kí ẹ gbé àpótí lọ síbi tó tutù. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ màmá pé kí wọ́n gbé tiwọn kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tó gba oòrùn ọ̀sán, lọ sí yàrá inú ilé.

Ẹyin 180 ni wọ́n tún kó sí i. Ọjọ́ 20 àti 21 ni púpọ̀ nínú wọn jáde, 131 ló pa, àwọn tó kù díẹ̀ jáde lọ́jọ́ 22. Wọ́n ti ń san owó alájẹsẹ́kù padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní inkubétọ̀ nílé, kí ẹ tó kó ẹyin tó kàn sí i, ẹ tan án láti inú òtútù lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìgò omi, kí ẹ sì kọ ibi gíga jù tó dé sílẹ̀. Bó bá ju 38 lọ, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.